Ọkọ̀ wa wọ ilé ìkẹ́rù ní Gánmọ, ìwé kóòtù dé lẹ́yìn ìparí ọdún: ṣé ká kọ ọ́ sínú ìṣirò ni, àbí nóòtì nìkan ti tó?

Akáǹtì Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mò ń bójú tó ìwé owó ilé-iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Gàrí àti láfún la ń ṣe, a sì ń kó wọn lọ sí Ìlọrin àti Ọ̀fà. 31 Oṣù Kejìlá ni ọdún ìṣirò wa máa ń parí.

Ní 14 Oṣù Kọkànlá 2024, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù wa kọ̀ nítòsí Gánmọ, ọkọ̀ náà sì wọ inú ilé ìkẹ́rù ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Ògiri kan wó, sìmẹ́ǹtì bàjẹ́, páànù tẹ́. A jókòó bá màmá náà nínú Oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Ìgbà tó di 20 Oṣù Kìíní 2025 ni ìwé kóòtù dé: mílíọ̀nù 18 náírà ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀gá mi ní kí n má fọwọ́ kàn án nínú ìwé 2024, torí ọdún ti parí kí ìwé kóòtù tó dé. Wọ́n tún ń wá owó báńkì láti fi ra ẹ̀rọ tí yóò máa gbẹ láfún, wọn ò sì fẹ́ kí èrè wa dín kù. Lọ́yà wa kọ lẹ́tà pé ó máa ṣòro fún wa láti bọ́ nínú ẹjọ́ yìí, torí dírẹ́bà ti fi ẹjọ́ bíréèkì yẹn sùn láti Oṣù Kẹsàn-án, a ò sì tún un ṣe. Wọ́n ní ohun tí kóòtù lè dá lé wa lórí máa wà láàárín mílíọ̀nù 6 sí 9, pé 7 ló súnmọ́ jù. A ní ìbánigbófò, a sì ti fi tó wọn létí.

Ọ́dítọ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ bíi gbèsè ni, àbí kí n sọ ọ́ nínú nóòtì nìkan? Tó bá jẹ́ gbèsè, èló ni kí n kọ?

Ọmọ Ìgbómìnà
Nóòtì ni, àbúrò. Gbogbo ẹjọ́ tó bá ṣì wà ní kóòtù, kọntínjẹ́ntì ni, ìyẹn gbèsè tó lè wá tàbí kó má wá. Adájọ́ ò tíì sọ̀rọ̀, ẹ ò tíì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bó ṣe wà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ nìyẹn. Kọ ìpínrọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó parí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á yọ yín. Nínú òwò tèmi, mo máa ń yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù sí àkáǹtì mìíràn nítorí irú nǹkan báyìí. Ṣé ẹ ti tọ́jú owó kankan? Bí ẹ bá ti tọ́jú mílíọ̀nù 7 sí báńkì, ìyẹn ni pùrófíṣọ̀n yín, ẹ ò nílò láti yọ ọ̀gá lẹ́nu mọ́.

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Akáǹtì Àjàṣẹ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ìyá Ìbejì lóhùn, torí ọ̀rọ̀ wọn ṣe pàtàkì. Ẹ ṣeun, mà. Owó tí ẹ tọ́jú yẹn dára, ṣùgbọ́n owó yín ló ṣì jẹ́. Ẹ lè fi ra ọjà lọ́la bó bá wù yín. Pùrófíṣọ̀n kì í ṣe owó tó wà nílé. Gbèsè ni, tí a kọ sílẹ̀ ṣáájú kí a tó mọ iye rẹ̀ dájú tàbí ọjọ́ tí a ó san án. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní kọ́bọ̀ ní báńkì lè ní pùrófíṣọ̀n mílíọ̀nù 7. Èyí tó ní mílíọ̀nù 50 ní báńkì sì lè máà ní rárá.

Wàyí o, Ọmọ Ìgbómìnà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bí ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n kóòtù kọ́ ló ń dá gbèsè sílẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Kí ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà níbí? Ọkọ̀ tó wọ ilé ìkẹ́rù ní 14 Oṣù Kọkànlá ni. Láti ọjọ́ yẹn ni màmá yẹn ti ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn ilé-iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pe lọ́yà. Ìwé kóòtù tó dé ní Oṣù Kìíní kàn sọ fún yín pé ó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ náà ni. Nítorí náà ọ̀rọ̀ 2024 ni, ọ̀gá yín ò tọ̀nà lórí ìyẹn.

Ohun mẹ́ta ni ìlànà ń béèrè, bóyá IAS 37, ìlànà ìṣirò àgbáyé lórí pùrófíṣọ̀n, lẹ ń lò o, bóyá Orí 21 nínú ìlànà IFRS ti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́dé (èyí tí mo rò pé ẹ̀yin ń lò). Àkọ́kọ́, ṣé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ kí ọdún tó parí, tó dè yín lọ́rùn tí ẹ ò fi lè yẹra fún sísan? Ó ti ṣẹlẹ̀. Èkejì, ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹ san ju kí ẹ má san lọ? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ìlànà ò sọ pé kó dájú. Ó kàn ní kó ju ìdajì lọ. Bí 51 nínú 100 bá wà pé ẹ ó san, ó ti tó. Lọ́yà yín sì ti sọ pé ó ṣòro kí ẹ bọ́. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ lè fi òye gbé iye kan kalẹ̀? Lọ́yà ti sọ 6 sí 9. Nígbà tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, inú ìwé ìṣirò ni. Nóòtì nìkan ò tó.

Ìgbà wo ni nóòtì nìkan tó? Ká ní lọ́yà kọ̀wé pé bíréèkì ò ní ìṣòro kankan, pé ọkọ̀ mìíràn ló gbá yín wọ ilé ìkẹ́rù, àti pé ẹ̀yin lẹ máa jàre, ṣùgbọ́n pé ẹjọ́ náà ò ṣeé fojú kéré. Nígbà yẹn, ẹ ò ní kọ gbèsè, ẹ ó kàn sọ ọ́ nínú nóòtì pé ẹjọ́ wà. Bó bá wá jẹ́ ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, tí ẹni tó pe yín tiẹ̀ ṣi ilé-iṣẹ́ pè, ẹ ò ní láti sọ ọ́ níbì kankan.

Lẹ́tà lọ́yà yẹn ni ẹ̀rí yín. Ọ́dítọ̀ tó mọṣẹ́ á béèrè fún un, á sì tún kọ̀wé sí lọ́yà náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà
Mo ti ka ohun tí ẹ kọ, Bàbá. Mo gbà lórí ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gbèsè, ìbánigbófò wà ńkọ́? Ká ní wọn á san mílíọ̀nù 2. Kí ó kọ mílíọ̀nù 5, ọ̀gá rẹ̀ á sì lè mí díẹ̀.

Àbẹ̀ní Ṣàáré
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi jọ èyí. Èmi náà ní ibi tí a ti ń ṣe ẹ̀gẹ́, omi tó ń jáde lára rẹ̀ sì ṣàn wọ inú adágún ẹja aládùúgbò wa nígbà òjò. Ẹja kú. Kò tíì pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ti lọ bá baálẹ̀. Mo ti sọ fún baálẹ̀ níwájú àwọn àgbà pé a máa tún ẹja rẹ̀ rà fún un, a ó sì gbẹ́ kòtò tuntun tí omi náà á máa wọ̀. Kòtò yẹn máa ná wa ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ṣé ti kóòtù nìkan ló wà, àbí èmi náà ní nǹkan tí mo gbọ́dọ̀ kọ?

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Ọmọ Ìgbómìnà, ẹ má yọ ọ́ kúrò bẹ́ẹ̀. Gbèsè tí ẹ jẹ màmá yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 7 bóyá ìbánigbófò san o, bóyá wọn ò san. Tí wọ́n bá já yín kulẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ó san gbogbo rẹ̀. Nítorí náà mílíọ̀nù 7 ló máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gbèsè. Owó ìbánigbófò á dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ dúkìá, ìyẹn bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín lójú pátápátá pé wọn á san án. Wò ó pé òṣùwọ̀n ibí yìí ga ju ti gbèsè lọ. Gbèsè, ju ìdajì lọ ti tó. Owó tó ń wọlé, ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Nínú ìwé èrè àti àdánù nìkan ni ìlànà ti gbà yín láyè láti yọ ọ̀kan nínú èkejì.

Akáǹtì Àjàṣẹ́, kí gan-an ni ìbánigbófò kọ sí yín? Ṣe àdàkọ gbólóhùn náà síbí.

Àbẹ̀ní, ẹ kú ìfara-balẹ̀. Ẹ ní méjì, wọn ò sì jọra. Ẹja tó kú ti kú, ẹ sì ti ṣèlérí níwájú baálẹ̀ àti àgbà ìlú pé ẹ ó rà á padà. Kò sí ìwé ẹjọ́, kò sí kóòtù, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti ń retí kí ẹ mú un ṣẹ. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ń dè ilé-iṣẹ́. Ẹ kọ iye ẹja náà sílẹ̀ bíi gbèsè, bí ìlérí náà bá wáyé kí ọdún ìṣirò yín tó parí. Kòtò tuntun ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ máa ṣe kí iṣẹ́ yín lè máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lè pinnu láti gbé ilé-iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn, ẹ ò sì ní gbẹ́ kòtò mọ́. Ìgbà tí ẹ bá gbẹ́ ẹ ni ẹ ó kọ ọ́.

Àbẹ̀ní Ṣàáré
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí kòtò náà níwájú àwọn àgbà kan náà. Kí ló dé tí ọ̀kan fi dè mí tí èkejì ò dè mí?

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Ìbéèrè gidi ni, àwọn akáǹtì tó dáńtọ́ náà sì ń jiyàn lórí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ti ẹja jẹ́ àtúnṣe sí ohun tó ti bàjẹ́, ti kòtò jẹ́ ìdènà fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí baálẹ̀ bá wá fún yín ní ìwé pé ẹ gbọ́dọ̀ wá palẹ̀ ìdọ̀tí tó ti wà nínú adágún náà mọ́, ìyẹn á di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ fi ìwé ìpàdé yẹn han ọ́dítọ̀ yín.

Akáǹtì Àjàṣẹ́
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Gbólóhùn tí ìbánigbófò kọ rèé: "A ti gba ìwé yín lórí ìjàǹbá 14/11/2024. A ó dá yín lóhùn lẹ́yìn tí a bá ṣe àyẹ̀wò tán."

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Kò sí ìlérí kankan nínú ìyẹn. Wọ́n lè wí pé ẹ ò tọ́jú ọkọ̀ yín bó ti yẹ, pàápàá nígbà tí dírẹ́bà ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti Oṣù Kẹsàn-án. Má kọ kọ́bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dúkìá. Bí wọ́n bá wá kọ̀wé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìṣirò, pé wọ́n gbà, tí wọ́n sì sọ iye, tún un gbé yẹ̀ wò.

Ọmọ ICAN Òmù-Àrán
Ẹ káàsán o. Mo ń múra ìdánwò lọ́wọ́, ó sì wù mí láti dá sí i. Ẹ ní mílíọ̀nù 7, ṣùgbọ́n lọ́yà sọ 6 sí 9. Ṣé kì í ṣe pé ká dá a sí méjì ni? 6 àti 9, àárín wọn jẹ́ mílíọ̀nù 7 àbọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká máa wo gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ká sì ṣe ìwọ̀n rẹ̀.

Ohun kejì: bí ẹjọ́ yìí bá máa gbà tó ọdún méjì, ṣé kò yẹ ká dín iye náà kù sí ohun tí owó náà tó lónìí? Ní ìdá 20 nínú 100 lọ́dún, mílíọ̀nù 7 tí a máa san lẹ́yìn ọdún méjì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.86 lónìí. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré ní Nàìjíríà o.

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
O káre láéláé, ọmọ mi. Ìwọ̀n tí o sọ yẹn wà fún ibi tí nǹkan bá pọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yìí bá ta àpò gàrí 10,000, tó sì ṣèlérí pé òun ó pààrọ̀ èyí tó bá bu, tí ìrírí sì fi hàn pé 2 nínú 100 ló ń padà, a ó kọ iye owó àpò 200 sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ àpò tí yóò padà, ṣùgbọ́n iye wọn ṣeé gbára lé. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ò ní pín ara rẹ̀ sí méjì. Ohun tó súnmọ́ jù la máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 7. Lẹ́yìn náà la ó wo àwọn iye yòókù: bí púpọ̀ nínú wọn bá ga ju 7 lọ, iye tí a ó kọ lè ga díẹ̀.

Ti ọdún méjì: ó tọ́, ìlànà ní ká dín in kù tí ìyàtọ̀ náà bá nípọn, ìṣirò rẹ sì péye. Ohun tí a bá dín kù á máa padà wọlé bíi ìnáwó èlé lọ́dọọdún títí yóò fi di mílíọ̀nù 7. Ṣùgbọ́n bi lọ́yà léèrè kí o tó dín in: ṣé mílíọ̀nù 7 yẹn jẹ́ iye páànù àti sìmẹ́ǹtì ní owó òní ni, àbí iye tí kóòtù máa pè lọ́jọ́ ìdájọ́? Bí ó bá jẹ́ owó òní, ẹ ò lè fi ìdá 20 dín in kù, torí ìdá 20 yẹn ti gbé ọ̀wọ́n gógó sínú, iye ọjà ẹ̀yin ò sì tíì gbé e.

Ọmọ ICAN Òmù-Àrán
Mo gbọ́, sà. Síbẹ̀, 8 àti 9 pọ̀ ju 6 lọ nínú ohun tí lọ́yà kà. Èmi á kọ 7 àbọ̀.

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Mi ò ní bá ẹ jà lórí 7 àbọ̀ bí lọ́yà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkè ni ìdájọ́ ń tẹ̀ sí. Èmi ò rí i nínú ohun tí Akáǹtì Àjàṣẹ́ kà fún wa. Jẹ́ kó padà lọ bi wọ́n.

Agbẹjọ́rò Sabo-Òkè
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti apá tèmi. Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ má jẹ́ kí ìwé yín ṣẹ́gun àwọn oníbàárà àwa lọ́yà. Bí ẹ bá kọ "pùrófíṣọ̀n ẹjọ́: 7,000,000" sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà, lọ́yà màmá yẹn ò ní gba mílíọ̀nù 5 mọ́ tí a bá ń dúnàá-dúrà. Yóò ní, "ẹ̀yin fúnra yín ti gbà pé 7 ni." Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ rí. Mo rò pé ìlànà gbà yín láyè láti dákẹ́.

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Ẹ̀rù tí ń ba yín tọ́, Agbẹjọ́rò. Ìlànà ti ronú nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tó fi sílẹ̀ kéré. Ó ní níbi tó ṣọ̀wọ́n gan-an, tí sísọ àlàyé bá máa pa ilé-iṣẹ́ lára nínú ìjà, ẹ lè fi àlàyé náà pamọ́. Ẹ ó ṣì sọ irú ìjà tó jẹ́, ẹ ó sì sọ pé ẹ fi àlàyé pamọ́ àti ìdí rẹ̀. Àlàyé inú nóòtì nìkan lẹ lè fi pamọ́. Ẹ ò lè fi gbèsè náà fúnra rẹ̀ pamọ́. Mílíọ̀nù 7 gbọ́dọ̀ dín èrè kù.

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á da pùrófíṣọ̀n ẹjọ́ pọ̀ mọ́ àwọn pùrófíṣọ̀n mìíràn lábẹ́ àkọlé kan nínú ìwé dúkìá àti gbèsè, kí iye ẹjọ́ má baà hàn ní ìhòòhò.

Agbẹjọ́rò Sabo-Òkè
Ilé-iṣẹ́ gàrí tí ẹjọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kí lẹ fẹ́ dà á pọ̀ mọ́? Ẹni tó bá fi ìwé ọdún tó kọjá wé tọdún yìí á rí i. Mi ò gbà pé èyí ti yanjú.

Akáǹtì Àjàṣẹ́
Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí wọ́n lè fi lẹ́tà lọ́yà han báńkì pẹ̀lú ìwé náà. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé: mo gbé 7,000,000 sí ìnáwó àdánù ìjàǹbá ọkọ̀, mo sì gbé 7,000,000 sí gbèsè pùrófíṣọ̀n. Nóòtì náà:

"Ní 14 Oṣù Kọkànlá 2024, ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ ba ilé ìkẹ́rù kan jẹ́ ní Gánmọ. Ẹni tó ni ín ti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní Ìlọrin. Àwọn olùdarí ti kọ gbèsè sílẹ̀ lórí ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò. A ò tíì mọ ìgbà tí a ó san án. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ń ṣe àyẹ̀wò, a ò sì kọ owó kankan tí a ń retí lọ́dọ̀ wọn. Àwọn olùdarí gbàgbọ́ pé a ó borí ẹjọ́ náà."

Ọmọ Ìgbómìnà
Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ń bá gbogbo èyí tó ṣáájú jà. Bí ẹ bá gbàgbọ́ pé ẹ ó borí, kí ló dé tí ẹ kọ gbèsè?

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Ọmọ Ìgbómìnà ti wí i. Yọ ọ́ kúrò. Fi ohun tó mú kí iye má tíì dájú sípò rẹ̀, pé ó wà lọ́wọ́ bí kóòtù ṣe máa ṣírò ẹrù tó bàjẹ́. Sì tún lọ wo àwọn ìwé ilé-iṣẹ́ yòókù: mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ pùrófíṣọ̀n, tí ìjábọ̀ alága sì ń sọ pé kò sí gbèsè kankan tó lè dìde.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà
Bí màmá náà bá gbà láti parí ọ̀rọ̀ nílé ní mílíọ̀nù 6 àbọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé 7 á ṣì wà níbẹ̀?

Ọ́dítọ̀ Tánkẹ
Bí ẹ bá jọ parí rẹ̀ kí àwọn olùdarí tó fọwọ́ sí ìṣirò 2024, padà sẹ́yìn kí o sọ 7 di 6,500,000 nínú ìwé 2024, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá ni àdéhùn náà ṣàlàyé iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, jẹ́ kí 7 wà bẹ́ẹ̀, kí 500,000 tó ṣẹ́kù padà wọlé sínú èrè 2025. Nítorí náà bí ìjókòó bá ti súnmọ́ lóòótọ́, sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n má tíì yára fọwọ́ sí ìwé.